Wọn ò lè to géèmù mi láìjẹ́ pé mo dá sí i: níbo ni mo ti ṣì í kọ?

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣe géèmù orí pátákó kan, ti àwọn oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù láti èbúté sí èbúté. Ẹni 2 sí 4 ló lè ta á. Ó ti tó ọdún kan tí èmi àti àwọn ará ilé ti ń ta á, a ò sì níṣòro kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé páálí rẹ̀ fún àwọn méjì tí kò rí i rí, mo ní kí wọ́n ka ìwé òfin kí wọ́n sì tò ó fúnra wọn. Ìṣẹ́jú 38 ni wọ́n fi tò ó, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì dá sí i, torí mo rí i pé inú ti ń bí wọn.

Ohun tó wà nínú páálí ni pátákó 1, káàdì ẹrù 60, káàdì ìjì 6, ọkọ̀ 20 ní àwọ̀ mẹ́rin, àti ẹyọ owó 40. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan:

> Ẹ tẹ́ pátákó sáàárín. Ẹ po àwọn káàdì pọ̀, kí ẹ sì mú mẹ́rin. Ẹ mú ọkọ̀ àti owó yín. Ẹ ṣí káàdì márùn-ún sí ọjà. Ẹ pín ìyókù sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ fi ìjì méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pò ó, kí ẹ wá tò wọ́n léra. Kí ẹ tó po káàdì, ẹ gbọ́dọ̀ ti yọ ìjì sọ́tọ̀, bí ẹ bá sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yọ àwọn káàdì tó ní àmì 3+ àti 4 bó bá ṣe yẹ. Ẹni tó rìnrìn àjò lójú omi kẹ́yìn ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Lójú tèmi ó yéni. Kí ni mi ò rí níbẹ̀?

Ìka_Atọ́ka

Àwòrán ni, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló ń ka ìwé òfin? Ya fọ́tò tábìlì tó ti tò tán, fi sí ojú ìwé 2, kí o pa gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Èmi kì í ka ju àwòrán lọ.

Bàbá_Lúdò

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ kọ òfin tó lágbára sí i nípa àríyànjiyàn. Tí ẹnì kan bá ní òun ti gbé ọkọ̀ òun, tí ẹnì kejì ní kò gbé e, ta ló jàre? Nínú ilé wa, ẹni tó bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí ọmọ ayò, ó ti tán nìyẹn. Bí ìwé yín bá sọ bẹ́ẹ̀, inú ẹnikẹ́ni ò ní bí mọ́.

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Ẹ ṣeun, Bàbá. Wọn ò tíì débi tí wọ́n á ti gbé ọkọ̀. Inú ti bí wọn kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé_Òfin

Mo ti ń bá àwọn tó ń ṣe géèmù tún ìwé òfin wọn kọ, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ìka_Atọ́ka lóhùn. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ jóòótọ́. Àwòrán gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ ibi tí nǹkan parí sí nìkan ló ń fi hàn. Kò lè fi hàn pé wọ́n ti yọ àwọn káàdì tó yẹ kí wọ́n yọ. Kò lè fi hàn pé ìjì méjì wà nínú ìdá òkè òkìtì, méjì láàárín, méjì nísàlẹ̀, torí ẹ̀yìn káàdì tó wà lókè pátápátá nìkan lojú ń rí. Ohun tójú ò lè rí lórí tábìlì ni ọ̀rọ̀ wà fún.

Ọlọ́kọ̀, ó yé ẹ torí pé o ti mọ̀ ọ́n. Rántí pé ẹni tó ń to géèmù kì í kà á parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Bójú ṣe ń kà ni ọwọ́ ń ṣe é. Ó ka «ẹ po àwọn káàdì pọ̀», ó sì ti pò wọ́n. Gbólóhùn mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó yẹ kí ìjì ti wà lọ́tọ̀. Ó wá jókòó, ó ń ṣa ìjì 6 láàárín káàdì 66. Bó ṣe ń mí ìmí ẹ̀dùn, ó tún gbọ́ pé àwọn méjì gbọ́dọ̀ yọ àwọn káàdì kan. Ó tú u lẹ́ẹ̀kejì, kódà káàdì mẹ́rin tó ti wà lọ́wọ́ á padà. Mo lè búra pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìṣẹ́jú 38 yẹn lọ.

Lọ sínú àkọsílẹ̀ rẹ kí o wá gbogbo ibi tí o ti kọ «kí ẹ tó», «àyàfi» àti «ẹ má gbàgbé». Ibi tí o bá ti rí «kí ẹ tó», gbólóhùn yẹn ti pẹ́ dé. Gbé e lọ síwájú ohun tó ń ṣọ́, «kí ẹ tó» fúnra rẹ̀ á sì pòórá.

Ìbéèrè méjì: ẹyọ owó mélòó lẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú? Níbo ni «ọjà» wà?

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Mẹ́fà-mẹ́fà ni. Áà! Mi ò kọ ọ́. Gbogbo wa nílé la mọ̀ pé mẹ́fà ni.

Ọjà ni àyè onígun mẹ́rin márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ pátákó. Mi ò kọ nǹkan kan sára wọn, torí pé ó rẹwà bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé_Òfin

Tẹ ỌJÀ sí i. Ẹwà kọ́ ló máa sọ fún wọn. Orúkọ tó bá wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ wà lára nǹkan náà, tàbí kí àwòrán fi ìlà tọ́ka sí i. Kí nǹkan kan má sì jẹ́ orúkọ méjì. Káàdì méjì tó yàtọ̀ síra lo ní, o sì ń pe àwọn méjèèjì ní «káàdì». Pè wọ́n ní «káàdì ẹrù» àti «káàdì ìjì» ní gbogbo ìgbà, kódà bó bá ń sú ẹ. Nínú ìtàn, a máa ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kó lè dùn létí. Nínú ìwé òfin, bí o bá pè é ní «owó» lónìí, tó di «wúrà» ní ojú ìwé kejì, òǹkàwé á yẹ ìsàlẹ̀ páálí wò, á máa wá wúrà tí kò sí.

Atúmọ̀_Èdè

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ti kó sí kòtò yìí rí. «Ẹ mú mẹ́rin.» Ta ni «ẹ»? Nínú èdè wa, «ẹ» lè jẹ́ gbogbo yín lápapọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹnì kan tí mò ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn méjì tó ń ka ìwé rẹ lè mú mẹ́rin fún àwọn méjèèjì, ẹnì kan lè mú mẹ́rin kí ẹnì kejì máa wò, wọ́n sì lè mú mẹ́jọ. Ìwé rẹ fara mọ́ gbogbo rẹ̀.

Èdè wa náà ló ní oògùn rẹ̀: «mẹ́rin-mẹ́rin». Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ «pín káàdì mẹ́rin-mẹ́rin fún wọn» kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ní ti «ẹ pò ó, kí ẹ wá tò wọ́n léra», kí ni «ó», àwọn wo sì ni «wọ́n»? Ìjì ni, àbí ìdì mẹ́ta yẹn? Mo máa ń tún orúkọ nǹkan náà pè ni, bó tilẹ̀ dà bíi pé mò ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn! Wọ́n mú káàdì mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ń wò ó. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.

Ìka_Atọ́ka

Kí ló dé tí ẹ ò lo «o» kí ó tán? «Mú káàdì mẹ́rin.» Ó kúrú, ó sì dá lórí ẹnì kan.

Atúmọ̀_Èdè

Kí ìyá àgbà kan ṣí páálí, kí ìwé máa sọ fún un pé «mú», «gbé», «po»? Á béèrè ta ni wọ́n ń bá wí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé_Òfin

Èmi máa ń lo «ẹ» fún iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ ń ṣe, «ẹnì kan» fún iṣẹ́ ọwọ́ kan, bíi pípo káàdì, àti «ẹnì kọ̀ọ̀kan» fún ohun tó bá kan olúkúlùkù. Àmọ́ mo mọ àwọn tó ń lo «o» látòkè délẹ̀, ìwé wọn sì yéni dáadáa. Mi ò ní jà lé e lórí.

Àwọ̀_Kan_Náà

Tèmi lè má jọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ jọ̀ọ́. Ojú mi kì í fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Tí ìwé bá sọ pé «mú ọkọ̀ pupa», mo máa ń bi ọmọ mi ni. Lẹ́yìn tí mo bá ti bi í, mi ò tíì to géèmù náà fúnra mi nìyẹn. Àwọ̀ mẹ́rin wo lo lò?

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Pupa, ewé, búlúù àti yẹ́lò. Ó yẹ kí n ti ronú nípa ìyẹn. Mo lè ya àmì sórí àsíá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: òṣùpá, ìràwọ̀, ìdákọ̀ró, ẹja. Kí ìwé wá máa pè é ní «ọkọ̀ olóṣùpá».

Mo ní ìbéèrè kan tó ń rú mi lójú. Nígbà tí wọ́n máa pín ìyókù sí mẹ́ta, káàdì 29 ló kù lọ́wọ́ wọn. 29 kò pín déédéé sí mẹ́ta. Wọ́n rò pé àwọn ti ṣì í ṣe, wọ́n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ sí wa nílé rí láéláé.

Akọ̀wé_Òfin

Ẹ̀yin mélòó lẹ máa ń ta á nílé?

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Àwa mẹ́rin.

Akọ̀wé_Òfin

Ó ti yé ọ nìyẹn. Jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ̀yin mẹ́rin ń lo gbogbo káàdì ẹrù 60. Ẹ pín 16, ẹ gbé 5 sí ọjà, 39 kù, 13 sì ni ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, o ní wọ́n á yọ mélòó?

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

9 tó ní àmì 4. Àwọn méjì á yọ 9 yẹn àti 9 mìíràn tó ní àmì 3+.

Akọ̀wé_Òfin

Àwọn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 51. Wọ́n pín 12, wọ́n gbé 5, ó ku 34. Àwọn méjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 42, wọ́n pín 8, wọ́n gbé 5, ó ku 29. Méjèèjì kò pín sí mẹ́ta. Ìwé rẹ sọ «ọ̀nà mẹ́ta» bíi pé ó máa dọ́gba, ẹni tí kò bá rí i kó dọ́gba á gbà pé òun lòun jẹ̀bi.

Kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ bá irú rẹ̀ pàdé. Nínú Pandemic, géèmù tí Matt Leacock ṣe, tó jáde ní 2008, wọ́n máa ń kọ́kọ́ pín káàdì fún olúkúlùkù, wọ́n á pín èyí tó kù sí ìdì, wọ́n á po káàdì àjàkálẹ̀ kan mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tò wọ́n léra. Ìwé wọn sọ ọ́ kedere pé kí àwọn ìdì náà dọ́gba bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí èyí tó kéré wà nísàlẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, àmọ́ ó gba èèyàn lọ́wọ́ iyèméjì.

Mo ti tún tìrẹ kọ báyìí. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

> 1. Ẹ tẹ́ pátákó sáàárín tábìlì.
> 2. Ẹ ya káàdì ìjì 6 sọ́tọ̀ títí di nọ́ńbà 7.
> 3. Bí ẹ bá jẹ́ 4, ẹ máa lo gbogbo káàdì ẹrù 60. Bí ẹ bá jẹ́ 3, ẹ dá káàdì ẹrù 9 tó ní àmì 4 padà sínú páálí. Bí ẹ bá jẹ́ 2, ẹ dá 9 yẹn padà, àti 9 tó ní àmì 3+.
> 4. Ẹnì kan po káàdì ẹrù tó kù pọ̀, kó sì gbé wọn kalẹ̀ ní òkìtì kan, ojú wọn nísàlẹ̀.
> 5. Kó pín káàdì ẹrù mẹ́rin-mẹ́rin fún gbogbo yín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè wo tirẹ̀, kó má fi han ẹlòmíràn.
> 6. Kó ṣí káàdì ẹrù 5 láti orí òkìtì, kó tẹ́ wọn sí àyè márùn-ún tí a kọ ỌJÀ sí, ojú wọn lókè.
> 7. Kó pín káàdì ẹrù tó kù nínú òkìtì sí ìdì 3. Bí ìdì kan bá fi káàdì kan ju òmíràn lọ, kò burú. Kó fi káàdì ìjì 2 sínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kó sì po ìdì kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó to ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, kí èyí tó pọ̀ jù wà lókè. Ẹ má po òkìtì yìí mọ́.
> 8. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọkọ̀ 5 tó ní àmì kan náà, àti ẹyọ owó 6. Ẹ kó owó tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

Kí o wá kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré lábẹ́ nọ́ńbà 7 pé: «Òkìtì yìí gbọ́dọ̀ ní káàdì 35 bí ẹ bá jẹ́ 2, 40 bí ẹ bá jẹ́ 3, 45 bí ẹ bá jẹ́ 4.» Ìyẹn ni 29, 34 àti 39, pẹ̀lú ìjì 6.

Ìka_Atọ́ka

Ta ló máa jókòó ka káàdì 35? Ọ̀rọ̀ ti ń pọ̀ jù.

Akọ̀wé_Òfin

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ ò ní kà á. Ẹni tó ń ṣiyèméjì ló máa kà á, yóò sì mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan bóyá òun gbàgbé láti yọ káàdì. Bí kò bá sí i, ó tún máa bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1.

Bàbá_Lúdò

Mo ti wá lóye ohun tí ẹ ń bi wá báyìí, ẹ má bínú. Nọ́ńbà yẹn á tún wúlò bí ọmọ bá ti gbé káàdì kan sábẹ́ àga. Tiwa ti sọnù báyẹn, oṣù mélòó kan la fi ta á láìmọ̀.

Mo tún rántí Catan, tí Klaus Teuber ṣe ní 1995. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a tà á, àwòrán kan wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó sọ ibi tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa wà àti ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan máa wà. A kàn ń wò ó, a ń gbé e kalẹ̀ ni. Ìgbà tó yá la wá ń pò ó.

Ìka_Atọ́ka

Àwòrán kọ́ nìyẹn? 😄

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Ẹ ṣé gan-an. Màá tún un tẹ̀. Ṣé kí n pe àwọn méjì ọjọ́sí padà wá dán an wò?

Akọ̀wé_Òfin

Rárá o. Wọ́n ti rí i bí wọ́n ṣe tò ó. Wọn ò lè padà di ẹni tí kò rí i rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹnì kan lè ka ìwé òfin fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà má ṣe ná gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan. Pe méjì tàbí mẹ́ta, tún un kọ, kí o tó pe àwọn mìíràn. Pe àwọn méjì lọ́jọ́ kan, mẹ́ta lọ́jọ́ mìíràn, torí o ti rí ohun tí iye èèyàn ṣe fún ọ.

Jókòó sẹ́yìn wọn, kì í ṣe sí iwájú, torí ojú rẹ lè máa dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, sọ pé «kí ló wà nínú ìwé?», kí o kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n wà. Máa wo ọwọ́ wọn ju ẹnu wọn lọ. Èèyàn á ní ó yé òun nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń padà sí ojú ìwé tó ti kà kọjá. Ibi tí wọ́n bá padà sí lẹ́ẹ̀mejì ni kí o tún kọ.

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Mo ti padà dé. Àwọn mẹ́ta tí kò rí i rí ni, mi ò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 13! Nọ́ńbà 1 sí 6 lọ wẹ́rẹ́. Ní nọ́ńbà 7, obìnrin tó ń po káàdì to ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, ó gbé gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì pò ó fàràfàrà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá kà á síta pé «ẹ má po òkìtì yìí mọ́». Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì tún ìdì mẹ́ta náà ṣe.

Atúmọ̀_Èdè

Akọ̀wé, ẹ gbọ́ o.

Akọ̀wé_Òfin

Mo gbọ́. «Kí ẹ tó» ni mo wá kiri, mo wá fi «ẹ má» sẹ́yìn ohun tó ń ṣọ́. Pààrọ̀ rẹ̀ sí: «Láìtún po wọ́n pọ̀, kó to ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, kí èyí tó pọ̀ jù wà lókè.» Ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ ẹlòmíràn tún ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti gbé káàdì sọ́wọ́ á fẹ́ pò ó. Dán an wò lọ́dọ̀ àwọn mìíràn.

Ọlọ́kọ̀_Ojú_Omi

Màá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ló kù: nínú àwọn mẹ́ta, kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Wọn ò mọ ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá_Lúdò

Kí ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀_Kan_Náà

Bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì ńkọ́?

Ìka_Atọ́ka

Kí ẹni tó po káàdì bẹ̀rẹ̀. Ó kúkú ti wà níbẹ̀, ìwé sì ti pè é ní «ẹnì kan» láti nọ́ńbà 4.

Akọ̀wé_Òfin

Mo fara mọ́ Ìka_Atọ́ka lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń kọ ti ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ sí orí tó kàn, kì í ṣe ibi títò.

Atúmọ̀_Èdè

Èmi rò pé ibi títò ló yẹ kó wà. Wọn ò tíì tò ó tán bí wọn ò bá mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ na ọwọ́.